Tóńtó Abẹ́ Lẹ́tà Nínú Fọ́tò Tó Ṣe Bàìbàì: Bí A Ṣe Ń Tún Ojú-Ìwé Ṣe Kí A Tó Pín In Tàbí Kí A Tó Tẹ̀ Ẹ́

Ní Parakou níbí, ojú-ìwé kì í sábà rìnrìn-àjò nínú àpòòwé mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ ṣe iṣẹ́ pápá ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ yóò ya àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní fọ́tò, yóò fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni tó gbà á yóò sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkópì fún títẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìpàdé ni, kò sí wàhálà, nítorí pé gbólóhùn tó yí ọ̀rọ̀ ká yóò jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ bóyá oko ni wọ́n ń sọ tàbí ọkọ. Àkójọ ọ̀rọ̀ kò ní gbólóhùn tó yí i ká. Ọ̀rọ̀ kan dá dúró lórí ìlà kan, tóńtó abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn orí rẹ̀ sì ni ẹ̀rí wa. Nítorí náà, orí àwọn àmì kéékèèké yìí ni mo fẹ́ gbé àlàyé mi kà.

Kì í ṣe gbogbo àkọtọ́ ni bàìbàì ń pa lára bákan náà. Nínú àkọtọ́ tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, tóńtó kan ṣoṣo ló ya ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára e, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ àti o, àti fún ṣ àti s. Nínú àkọtọ́ Yorùbá ti Benin, ɛ àti ɔ ni a ń kọ, sh sì ni a fi ń dúró fún ṣ. Níbẹ̀, ìrísí lẹ́tà fúnra rẹ̀ ló yí padà. Ẹnu tí ɔ là sílẹ̀ ní apá òsì fẹ̀ ju tóńtó lọ dáadáa, nítorí náà ó máa ń ku díẹ̀ nínú rẹ̀ kódà nígbà tí fọ́tò bá bàjẹ́. Ohun kan náà ló ń ṣe ẹni tó ń ka Baatɔnum ní àǹfààní. Ṣùgbọ́n ní ti àmì ohùn, ọ̀kan náà ni gbogbo wa: ohun tó ya àmì òkè sọ́tọ̀ kúrò lára àmì ìsàlẹ̀ kò ju apá ibi tó tẹ̀ sí lọ. Bí ó bá ti di àbàwọ́n kan lásán lórí fáwẹ̀lì, a mọ̀ pé ohùn kan wà níbẹ̀, a kò mọ èwo.

Ẹ jẹ́ kí a wọn nǹkan náà. Nínú ìwé tí a fi lẹ́tà onísáìsì 12 tẹ̀, tóńtó abẹ́ lẹ́tà fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mílímítà. Ojú-ìwé A4 gùn ní mílímítà 297. Bí fóònù bá ya fọ́tò tó ní píkísẹ́lì 4000 ní gígùn, tí ojú-ìwé náà sì kún fọ́tò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, píkísẹ́lì 13 àti ààbọ̀ ló bọ́ sórí mílímítà kọ̀ọ̀kan. Tóńtó wa yóò ní píkísẹ́lì mẹ́fà sí méje ní fífẹ̀, èyí tó tó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sún fọ́tò náà kì di píkísẹ́lì 1600 ní gígùn, 5.4 péré ló kù fún mílímítà kan, tóńtó náà kò sì ní tó píkísẹ́lì mẹ́ta. Àlàfo tó wà láàárín òun àti ìdí lẹ́tà tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi àlàfo yìí ni nǹkan ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́: tóńtó á lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, ẹ á wá dà bí e tí ìdí rẹ̀ nípọn.

Kí a tó fọwọ́ kan fọ́tò rárá, ó yẹ kí a mọ irú bàìbàì tó ń ṣe é. Ibi tó dára jù láti wò ni àmì ìdánudúró tó wà ní òpin gbólóhùn, torí pé a mọ̀ pé róbótó ló rí nínú ìwé gan-an. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù kí ẹ wò ó. Bí ó bá ti di róbótó ńlá tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, fóònù kò mú ojú-ìwé náà dáadáa ni. Bí ó bá gùn gbọọrọ, tí gbogbo àwọn yòókù lórí ojú-ìwé náà sì gùn sí apá kan náà, ọwọ́ ló gbọ̀n. Bí ó bá dúdú dáadáa, àmọ́ tí àwọn àbàwọ́n eérú-eérú onígun mẹ́rin yí i ká, fífún JPEG ló ṣe é, nítorí pé JPEG máa ń gé àwòrán sí ìdì píkísẹ́lì mẹ́jọ ní mẹ́jọ, á sì fún ìdì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí gbogbo ojú-ìwé bá kàn funfun-funfun bí ẹni pé ìkùukùu bò ó, ẹ nu ojú kámẹ́rà. Nígbà ọyẹ́, ekuru Parakou kì í jẹ́ kí ó mọ́ fún wákàtí méjì.

Irú méjì àkọ́kọ́, yíya fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan sí i ni ìwòsàn wọn. Èyí tí JPEG bàjẹ́, ẹ béèrè fáìlì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó yà á, kí ó sì fi í ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí fọ́tò. Nínú WhatsApp, ọ̀nà ti Document ni kí ó gbà, nítorí pé fáìlì tó bá gba ibẹ̀ kì í dín kù.

Àpẹẹrẹ kan rèé láti inú iṣẹ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì fi báírò pupa kọ àmì ohùn lé e lórí nígbà tó ń gbọ́ ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ti yà á ní ọ̀sán, òjìji ọwọ́ rẹ̀ sì bo ìsàlẹ̀ ojú-ìwé. Fọ́tò tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi jẹ́ píkísẹ́lì 1200 ní 1600. Àwọn àmì pupa náà ti di àwọ̀ osùn tó ṣá, a kò sì lè sọ ibi tí wọ́n tẹ̀ sí. Ìdí rẹ̀ ni pé JPEG a máa ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀, ó sì sábà máa ń tọ́jú àwọ̀ ní ìdajì ìbú àti ìdajì gígùn, tó fi jẹ́ pé píkísẹ́lì mẹ́rin ń pín àwọ̀ kan lò. Ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìyà yìí ń jẹ jù. A béèrè fáìlì àkọ́kọ́, èyí tó dé sì jẹ́ 3000 ní 4000. Àṣẹ yìí ló ń sọ ìwọ̀n fún wa:

```
magick identify oju-ewe.jpg
```

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an. Fọ́tò aláwọ̀ jẹ́ ìpele mẹ́ta: pupa, ewéko àti búlúù. Nínú ìpele pupa, ìwé funfun mọ́lẹ̀, báírò pupa náà sì mọ́lẹ̀, nítorí náà àmì ohùn á pòórá. Nínú ìpele ewéko, ìwé mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n báírò pupa ṣú bí ẹni pé dúdú ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìpele ewéko ni a mú. Bí ó bá jẹ́ báírò búlúù ni, ìpele pupa ni à bá mú. Ohun kejì ni òjìji ọwọ́. A ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà, a bà á jẹ́ gan-an títí lẹ́tà fi pòórá tí òjìji nìkan kù, a wá fi ẹ̀dà yìí pín fọ́tò gangan. Ibi tó ṣú tẹ́lẹ̀ á funfun bíi ti ìyókù.

```
magick oju-ewe.jpg -auto-orient \
  -channel G -separate +channel \
  \( +clone -blur 0x40 \) \
  -compose Divide_Src -composite \
  -unsharp 0x1.5+1+0.02 oju-ewe.png
```

Nọ́ńbà 40 yẹn gbọ́dọ̀ tóbi ju ìnípọn ìlà lẹ́tà lọ lọ́nà púpọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́tà fúnra rẹ̀ á ṣófo nínú. Fún fọ́tò tó jẹ́ 1600, nǹkan bí 16 tó. Ìlà `-unsharp` kàn ń mú kí etí lẹ́tà yàtọ̀ sí ìwé ni. Kò dá ohun tó ti sọnù padà. Ẹ mọ̀ pé ẹ ti fi í jù nígbà tí ìlà funfun bá yí lẹ́tà ká. Ìlà funfun náà máa ń gé tóńtó tó ti lẹ̀ mọ́ lẹ́tà kúrò, ó sì tún lè gé ìdí e tó nípọn kí ó dà bíi tóńtó. PNG ni a fi pamọ́, kí JPEG má bàa tún fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun méjì ni a mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún. Èkíní ni `-despeckle` àti gbogbo bọ́tìnnì inú fóònù tó ń ṣèlérí láti nu ìdọ̀tí. Ẹ̀rọ náà kò mọ Yorùbá. Lójú rẹ̀, tóńtó abẹ́ ṣ àti ìdọ̀tí eṣinṣin jọra: àmì kékeré ni méjèèjì, wọn kò sì so mọ́ ohunkóhun. Èkejì ni sísọ gbogbo fọ́tò di dúdú àti funfun pátápátá. Àmì tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá á bọ́ sí apá funfun, a kò sì ní rí i mọ́ láé, nígbà tó jẹ́ pé nínú àwòrán eérú-eérú, ojú ènìyàn ṣì lè fura sí i.

Àwòrán tí a yà láti ojú fóònù fúnra rẹ̀ kò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lójú nìkan ló máa ń mú. Bí ojú fóònù bá ní píkísẹ́lì 1080 ní ìbú, tí gbogbo ìbú A4 sì hàn lórí rẹ̀, píkísẹ́lì 5 péré ló wà fún mílímítà kan, gẹ́gẹ́ bíi ti WhatsApp ìṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ fẹ ojú-ìwé náà lójú fóònù títí ìdajì ìbú rẹ̀ fi kún ojú, kí ẹ tó yà á ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fífẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yà á kò lérè.

Ó ku títẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà kò ní íǹkì eérú-eérú. Tóńtó dúdú wẹ́wẹ́ ló ń tò láti fi ṣe eérú. Bí ẹ̀yìn lẹ́tà kò bá funfun tán, wọn á bọ́ sábẹ́ e àti o, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kà wọ́n sí ẹ àti ọ. Kí a tó gbé fáìlì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, a máa ń ti funfun dé òpin:

```
magick oju-ewe.png -level 15%,85% titẹ.png
```

Ẹ wo ẹ̀dà tuntun náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àkọ́kọ́, lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí àmì kan bá sọnù nínú rẹ̀, ẹ sọ 85 di 92. Fọ́tò àkọ́kọ́ kì í kúrò nínú fódà wa, a sì ń kọ àṣẹ tí a lò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbi tí àmì kò bá dá wa lójú, àmì ìbéèrè ni a ń fi síwájú ọ̀rọ̀ náà, a ò ní fi ohun tí ìwé atúmọ̀-èdè sọ dí i, nítorí pé ohùn Kétu lè máà rí bíi ti ìwé, òun gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ náà sì lọ wá.