Ìbéèrè Mẹ́ta Tí Jésù Bi Pétérù

Ìwàásù kan wà tí ọ̀pọ̀ ìjọ ti gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́. Nínú Jòhánù orí 21, Jésù bi Pétérù lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ràn òun. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń lò fún gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú èdè Gíríìkì, “agapáò” ni Jésù fi bèèrè lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, “filéò” ló sì fi bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Filéò ni Pétérù fi ń fèsì látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Oníwàásù á wá ní agapáò ni ìfẹ́ ti Ọlọ́run, pé filéò kò ju ìfẹ́ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ lọ.

Ó dùn létí. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ lè ṣí kọnkọ́dáǹsì Strong, níbi tí agapáò ti jẹ́ G25, tí filéò jẹ́ G5368. Kó kọ gbogbo ibi tí filéò ti jẹyọ nínú Ìhìnrere Jòhánù sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá péré ni. Kó kọ ẹni tó fẹ́ràn, àti ẹni tàbí ohun tó fẹ́ràn, síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó má tíì fọwọ́ kan ìwé atúmọ̀ èdè o, torí èrò onítumọ̀ lè gba ojú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 5:20, Baba fẹ́ràn Ọmọ: filéò ni. Ní 3:35, Baba yìí kan náà fẹ́ràn Ọmọ yìí kan náà: agapáò ni. Ìfẹ́ Jésù sí Lásárù jẹ́ filéò ní 11:3, ó di agapáò ní 11:5. Ta ló máa wá sọ pé ìfẹ́ Baba sí Ọmọ rẹlẹ̀?

Ìdánrawò kejì gba inú èdè Hébérù kọjá. Nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 13, Ámúnónì “fẹ́ràn” Támárì àbúrò rẹ̀, ó sì fipá bá a lò. “Áhàb” ni Hébérù pè é. Àwọn Júù tó túmọ̀ ìwé náà sí Gíríìkì ṣáájú ìgbà Jésù sì fi agapáò túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní agapáò kì í ṣe ìfẹ́ àìmọ́ láé ní láti dáhùn fún Ámúnónì.

Èyí kò sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì di ọ̀kan náà. Filéò lè túmọ̀ sí fífi ẹnu ko ẹnu, bíi ti Júdásì nínú Máàkù 14:44; agapáò kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú Jòhánù 21, òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ sọ pé inú Pétérù bàjẹ́ torí pé Jésù bi í ní ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀kẹta. Ìbéèrè kan náà ló kà á sí. Ní ẹsẹ wọ̀nyí kan náà, ọ̀dọ́-àgùntàn di àgùntàn, “bọ́ wọn” di “dà wọ́n”, kò sì sẹ́ni tó ń fi ìyẹn wàásù.