Owó Ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì: Ibi Tó Yẹ Kó Lọ

Tí oṣù Kejìlá bá ti dé ìdajì, ẹsẹ̀ kì í gbèrò mọ́ ní ọjà Balógun ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Igi Kérésì á tò sẹ́bàá ọ̀nà, iná á máa ṣẹ́jú lórí àtẹ, bọ́ọ̀lù pupa àti aláwọ̀ góòlù á kún inú ọ̀rá. Ẹni tó wọ ọjà náà láìní iye kan pàtó lọ́kàn á rí ohun tó wù ú ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ìgbà tó bá délé tó tú ẹrù ló máa rí i pé nǹkan kéékèèké jọ sílẹ̀ rẹpẹtẹ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ pálọ̀ di ọ̀tun.

Ohun tí mo ti rí láti ilé dé ilé ni pé owó ọ̀ṣọ́ tó kéré máa ń tó bí wọ́n bá kó o lé ojú kan, èyí tó pọ̀ kì í sì í tó bí wọ́n bá fọ́n ọn ká. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni kí a yanjú kí a tó gbé àpò: èló ló wà lóòótọ́, ibo sì ni ojú àlejò máa kọ́kọ́ bà?

Ẹ jẹ́ ká mú ti owó ná. Owó oṣù Kejìlá kì í ṣe ti oṣù Kejìlá nìkan. Àwọn ọmọ máa wọlé ìwé ní oṣù Kínní, owó ilé ìwé sì ń bọ̀. Ìrẹsì, òróró, adìẹ, aṣọ àwọn ọmọ, owó ọkọ̀ lọ sí ìlú ẹni, gbogbo rẹ̀ ṣáájú ọ̀ṣọ́. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ohun tó máa wọlé, kí ẹ tó wo ohun tó kù. Bí ohun tó kù kò bá ju ₦20,000 lọ, ₦20,000 náà ni owó ọ̀ṣọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣe bó o ti mọ ni wọ́n sọ fún ẹlẹ́wà Sàpọ́n. Ẹni tó yá owó nítorí iná àti bọ́ọ̀lù máa san án nígbà tí iná náà ti wà nínú páálí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé páálí ọdún tó kọjá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fo èyí, wọ́n á wá lọ ra ohun tí wọ́n ti ní. Ẹ ki okùn iná kọ̀ọ̀kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fi kọ́ ibikíbi. Èyí tí ìdajì rẹ̀ kú, ẹ yà á sọ́tọ̀; ó lè wúlò fún ẹ̀yìn igi níbi tí ojú kò dé. Èyí tí wáyà rẹ̀ bó tàbí tó ń gbóná, ẹ jù ú nù.

Ohun kan tún wà tó máa ń yí èrò àwọn èèyàn padà nípa ohun tó wọ́n àti ohun tó pọ́ọ́kú: iye ọdún tí ohun náà máa lò. Igi oníke tí a rà ní ₦60,000, tó sì lo ọdún mẹ́fà, ₦10,000 ló ń gbà lọ́dún. Bálúùnù àti bébà dídán tí a kọ́ sí àjà ní ₦10,000, tó rọ tàbí tó ya kí ọdún tuntun tó wọlé, ₦10,000 kan náà ló gbà, àmọ́ ẹ tún máa ra òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Torí náà, owó ńlá ti ohun tó lálòpẹ́ ni. Ti ohun tí ń bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó kéré gan-an.

Ibo wá ni owó ti ń fojú hàn jù? Iná ni. Láti ìgbà tí Edward Johnson, tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́, ti so 80 gílóòbù mọ́ igi Kérésì rẹ̀ ní ìlú New York ní ọdún 1882, iná ló ń mú kí èèyàn dúró wò. Ẹ wo òpópónà Ajọ́sẹ̀ Adéògùn ní Victoria Island lóṣù Kejìlá. Iná tí wọ́n wé mọ́ igi ẹ̀bá ọ̀nà ló ń fa èrò wá láti Ìkòròdú àti Agége kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ní ọ̀sán, igi lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Igi inú ilé kò yàtọ̀ sí ìyẹn. Òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń fi iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ṣòwò ń lò ni nǹkan bíi 100 gílóòbù fún ẹsẹ̀ bàtà kan gíga igi. Igi ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún máa gba 500, ìyẹn okùn márùn-ún tó ní 100 lórí. Okùn kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ ilé ń fi sí i, òun ló fà á tí igi fi ń dà bí ẹni tó wọ ẹ̀wù tí kò kún un. Ẹ má sì kàn yí iná náà ká ẹ̀yìn òde igi. Ẹ mú okùn kan wọ inú lọ sí ìdí òpó, ẹ mú un jáde síwájú ẹ̀ka, kí ẹ tún dá a padà. Igi náà á dà bíi pé ó jìn, á sì kún.

Ẹ̀yà iná tún ṣe pàtàkì nílé tí iná mànàmáná kò dúró. Okùn 100 gílóòbù àtijọ́ máa ń jẹ tó 40 wáàtì, tí páálí tí wọ́n kọ LED sí kì í sábà ju wáàtì mẹ́fà tàbí méje lọ. Okùn márùn-ún ti àtijọ́ máa jẹ 200 wáàtì, wọ́n sì máa ń gbóná. Márùn-ún ti LED máa jẹ nǹkan bí 30. Ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ bóyá bátìrì ilé yín máa gbé igi náà fún gbogbo alẹ́ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tàbí ẹ ó tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ọ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí nípa iye okùn tí a lè so mọ́ ara wọn, kí ẹ má ṣe kọjá a. Bí ẹ bá fọwọ́ kan wáyà tàbí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì tó sì ń gbóná, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó sùn.

Nǹkan kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ju ohun tí a rà lọ: ẹ pa gílóòbù funfun ńlá tó wà lójú àjà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń bo ti igi mọ́lẹ̀. Ẹ tan iná kékeré kan sí igun kejì kí ẹ lè máa rí ọ̀nà, ẹ sì wo bí igi náà ṣe máa gba gbogbo pálọ̀. Bí ẹ bá ní dígí ńlá, ẹ gbé igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná yẹn á di ìlọ́po méjì.

Ibi tí igi máa wà gan-an, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi fóònù ya fọ́tò pálọ̀, ẹ wá wo fọ́tò náà bí àlejò. Ibi tí ojú yín kọ́kọ́ bà nínú rẹ̀ ni ibi ọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ògiri tó kọjú sí ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe igun tí a máa ń fi igi pamọ́ sí lẹ́yìn àga.

Ká wá mú ìdílé kan ní Ìbàdàn, tí owó ọ̀ṣọ́ wọn jẹ́ ₦90,000. Wọ́n ní pálọ̀ kan àti fàráńdà kékeré. Igi ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ti wà nílẹ̀ láti ọdún mélòó kan, iná ara rẹ̀ ti kú. Àwọn iye tí mo máa lò yìí, àpẹẹrẹ ni. Ọjà ń yí padà, ẹ fi iye tí ẹ bá lọ́jà rọ́pò wọn.

Wọ́n kọ́kọ́ ya ₦10,000 sọ́tọ̀ fún ohun tí èèyàn máa ń gbàgbé: ẹsitẹ́ńṣọ̀n tó dára, tépù, ìkọ́, owó ọkọ̀ lọ sọ́jà. Okùn iná LED márùn-ún ní ₦6,000 ẹyọ kan gba ₦30,000. Wọ́n ra bọ́ọ̀lù ńláńlá tí àwọ̀ rẹ̀ kò ju méjì lọ, pupa àti góòlù, ní ₦15,000, àti ríbọ́ọ̀nù fífẹ̀ méjì ní ₦8,000. Ríbọ́ọ̀nù fífẹ̀ yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn iná, torí ó ń dí àlàfo láàárín ẹ̀ka, iye bọ́ọ̀lù tí igi nílò á sì dín kù. Ilẹ̀kùn iwájú gba òdòdó roboto kan ní ₦12,000 àti okùn iná kan tó tọ́ sí òde ní ₦6,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦81,000. Wọn kò ra aṣọ ìdí igi. Ìborùn aṣọ òkè ìyá ọkọ tó ti gbó ni wọ́n fi wé e, ó sì fani mọ́ra ju ti ọjà lọ. ₦9,000 tó kù, wọ́n dá a padà sínú owó ilé ìwé.

Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ náà wà nínú ètò wọn. Kò sí ohunkóhun lórí fèrèsé, lára káàdì ìṣirò ọjọ́ tàbí lórí fíríìjì. Kò sí bébà dídán lójú àjà. Kí wọ́n tó so iná, wọ́n fi ọ̀sán kan ṣí ẹ̀ka igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, síhìn-ín sọ́hùn-ún, torí igi tó ti wà nínú páálí máa ń pẹlẹbẹ. Wọ́n tún nu eruku kúrò. Lásìkò ọyẹ́, eruku tín-ín-rín yẹn máa ń bo bọ́ọ̀lù láàárín ọjọ́ díẹ̀, dídán rẹ̀ á sì lọ. Aṣọ tútù díẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ti tó.

Tí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ má gba okùn iná kankan tí wọn kò tàn lójú yín. Ẹ tú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ rí i pé gbogbo rẹ̀ ló tàn. Kí àwọ̀ rẹ̀ bára mu pẹ̀lú: iná funfun tó fẹ́ máa ṣe bí omi aró kò bá èyí tó pọ́n bí iná fìtílà mu lórí igi kan náà, páálí méjèèjì sì lè jọra.

Bí ẹ bá lè fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó náà, ẹ padà lọ sọ́jà ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kínní. Olùtajà tí kò fẹ́ kó igi àti iná padà sínú ilé ìkẹ́rùsí máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ nígbà náà, iná àti bọ́ọ̀lù kì í sì í bàjẹ́ nínú páálí gbígbẹ. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ra ti ọdún tó ń bọ̀.