Yíyọ Òṣùwọ̀n àti Máàkì láti inú Ìwé Tẹ́ńdà sí Ìwé Máàkì Ìgbìmọ̀

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí kò tóbi lójú. Ìjọba pe àwọn ilé-iṣẹ́ olùdámọ̀ràn láti wá du iṣẹ́ kan. Ó tẹ ìwé tẹ́ńdà jáde, ó sì sọ nínú rẹ̀ àwọn òṣùwọ̀n tí òun yóò fi ṣe ìdájọ́ àti iye máàkì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, ẹnì kan ní láti yọ àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí, kí ó sì tò wọ́n sí ìwé máàkì tí ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò kọ iye sí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe àdàkọ lásán. Bí ìlà kan ṣoṣo bá sọnù, iṣẹ́ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ sí, bí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tilẹ̀ fi òtítọ́ inú ṣe ìdájọ́.

Ní Nàìjíríà, abala 32 nínú òfin ọdún 2007 tí ó de ọjà rírà àti iṣẹ́ gbígbé jáde ti ìjọba sọ pé a kò gbọdọ̀ lo ọ̀nà tàbí òṣùwọ̀n mìíràn ju èyí tí ìwé tẹ́ńdà ti là sílẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìwé máàkì kò ní àṣẹ ti ara rẹ̀. Ohun tí ìwé tẹ́ńdà bá wí nìkan ni ó lè wí.

2. Ibi tí a ti ń rí òṣùwọ̀n

Ìwé tẹ́ńdà tí ó tẹ̀lé ìlànà Báńkì Àgbáyé fún yíyan olùdámọ̀ràn kì í kó gbogbo ọ̀rọ̀ máàkì sí ojú kan. Ìtọ́ni gbogbogbòò wà, tí kì í yí padà láti iṣẹ́ kan sí òmíràn. Abala àlàyé pàtó wà, níbi tí a ti kọ máàkì iṣẹ́ yìí gan-an; ibi tí ó bá ti yàtọ̀ sí ìtọ́ni gbogbogbòò, òun ni ó lékè. Ìwé àlàyé iṣẹ́ náà wà, tí ó sọ irú òṣìṣẹ́ tí a ń fẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a máa ń fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́ sí gbogbo olùdíje kí ọjọ́ ìparí tó pé, èyí sì borí ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tí ń ṣe ìwé máàkì bẹ̀rẹ̀ kíkà láti orí ìwé àtúnṣe tí ó kẹ́yìn, kí ó sì máa padà sẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ojú-ìwé àti nọ́ńbà ìpínrọ̀ tí ó ti mú un wá. Ìlà tí kò bá ní orísun kò ní ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀.

3. Máàkì inú máàkì

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀ fún àlàyé. Ìwé tẹ́ńdà kan lórí ètò omi ẹ̀rọ ìlú pín 100 máàkì báyìí: ìrírí ilé-iṣẹ́ 10, ọ̀nà ìṣiṣẹ́ 30, àwọn òṣìṣẹ́ pàtàkì 50, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 10. Nínú 50 ti òṣìṣẹ́, olórí ikọ̀ ni ó ni 20. Ìpínrọ̀ mìíràn wá sọ pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba ìdá 20 nínú 100 fún ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́, ìdá 70 fún bí ìrírí rẹ̀ ti bá iṣẹ́ náà mu, àti ìdá 10 fún ìmọ̀ agbègbè.

Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti sábà máa ń yọ̀. Iye mẹ́ta tí ó kẹ́yìn yìí kì í ṣe máàkì. Ìpín máàkì ni. Fún olórí ikọ̀, ìdá 20 nínú 20 máàkì jẹ́ 4, ìdá 70 jẹ́ 14, ìdá 10 sì jẹ́ 2. Ẹni tí ó bá gbójú fo ìpínrọ̀ náà, tí ó sì pín 20 sí ọ̀nà mẹ́ta dọ́gba, ti sọ ìmọ̀ agbègbè di nǹkan bí 6.7, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a polongo lọ. Ọ̀nà àtimọ àṣìṣe yìí rọrùn: ní ìpele kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ àwọn ẹ̀ka gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí ó wà lórí ìyá wọn gẹ́lẹ́, kí gbogbo rẹ̀ sì parí sí 100.

4. Máàkì àyege àti owó

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìwé kan náà sọ pé máàkì àyege jẹ́ 75, àti pé ìmọ̀ iṣẹ́ ni yóò ní ìdá 0.8 nínú ìdájọ́, kí owó ní 0.2. Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

```
Sf = 100 × Fm ÷ F
S = (St × T) + (Sf × P)
```

F ni owó tí olùdíje béèrè, Fm ni owó tí ó kéré jù láàárín àwọn tí ó yege, Sf sì ni máàkì owó. St ni máàkì ìmọ̀ iṣẹ́. T àti P ni ìdá méjèèjì. S ni àpapọ̀.

Ilé-iṣẹ́ kìn-ín-ní gba 84, ó sì béèrè mílíọ̀nù 50 náírà. Èkejì gba 78, ó béèrè mílíọ̀nù 40. Ẹ̀kẹta gba 74, ó fẹ́ béèrè mílíọ̀nù 25. Ẹ̀kẹta kò yege, nítorí náà a kò ní ṣí àpòòwé owó rẹ̀. Owó tí ó kéré jù wá di 40. Ilé-iṣẹ́ kìn-ín-ní ní 83.2, èkejì ní 82.4. Ti kìn-ín-ní ni iṣẹ́.

Bí ìlà máàkì àyege bá sọnù nínú ìwé máàkì ńkọ́? A ó ṣí àpòòwé ẹ̀kẹta, owó tí ó kéré jù yóò di 25, gbogbo máàkì owó yóò sì yí padà. Ẹ̀kẹta yóò ní 79.2, kìn-ín-ní 77.2, èkejì 74.9. Ẹni tí kò yege ti gba iṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwé àtúnṣe kan ti sọ ìdá náà di 0.7 àti 0.3, èkejì ni yóò borí pẹ̀lú 84.6 sí 82.8; ẹni tí kò bá rí ìwé àtúnṣe náà yóò gbé iṣẹ́ fún kìn-ín-ní. Kò sí ọmọ ìgbìmọ̀ kankan tí ó yí máàkì rẹ̀ padà nínú gbogbo èyí.

5. Nígbà tí ìwé tẹ́ńdà bá dákẹ́

Ìlú Alẹkisandirúpólì ní ilẹ̀ Gíríìsì pe tẹ́ńdà ní ọdún 2004 fún iṣẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀ àti ètò ìlú. Ìwé náà to òṣùwọ̀n mẹ́ta bí wọ́n ti ṣe pàtàkì sí: ìrírí, òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ohun èlò, àti agbára láti parí iṣẹ́ lásìkò. Kò sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ń ṣe àyẹ̀wò ni ó fún wọn ní ìdá 60, 20 àti 20 nínú 100, tí ó sì tún fi ẹ̀ka òṣùwọ̀n kún un. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2008, Ilé-ẹjọ́ Ìdájọ́ ti Yúróòpù dájọ́ pé èyí kò bófin mu, nítorí pé àwọn olùdíje kò mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n ń múra.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé àsìkò tí ó dára jù láti ṣe ìwé máàkì ni ìgbà tí tẹ́ńdà ṣì ṣí sílẹ̀. Bí a bá bá àlàfo pàdé nígbà náà, ìwé àtúnṣe lè dí i, gbogbo olùdíje yóò sì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn tí a bá ti ṣí tẹ́ńdà, òṣùwọ̀n tí a kò pín gbọdọ̀ wà ní odidi: bí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ bá ní 30 láìní ẹ̀ka, àpótí kan ṣoṣo ni ìwé máàkì yóò ní fún un, pẹ̀lú ààyè tí ọmọ ìgbìmọ̀ yóò kọ ìdí máàkì rẹ̀ sí.

6. Ìkádìí

A ti rí i pé yíyọ òṣùwọ̀n jẹ́ apá kan ìdájọ́ fúnra rẹ̀. Ó yẹ, nígbà náà, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹni tí ó ṣe ìwé máàkì mú un lọ́wọ́ kan, kí ó mú ìwé tẹ́ńdà lọ́wọ́ kejì, kí ó sì fi ìlà kọ̀ọ̀kan wé orísun rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ máàkì kan sílẹ̀.