Ohun Tí Kì Í Yẹ̀ Nínú Lúùpù

Ìlà márùn-ún péré ni prógíráàmù tó wà nínú ìbéèrè náà. Ó ń fi àyọkúrò ṣe pínpín. Wọ́n á sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé nọ́ńbà odidi ni `x` àti `y`, pé `x` kò dín ní òdo, pé `y` sì ju òdo lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi ẹ̀rí hàn pé nígbà tí prógíráàmù bá dúró, `x = q*y + r` á jẹ́ òótọ́, `r` ò ní dín ní òdo, kò sì ní tó `y`.

```
r = x
q = 0
while r >= y:
    r = r - y
    q = q + 1
```

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Pínpín yìí gan-an ni Tony Hoare, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Queen's ní ìlú Belfast nígbà náà, fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àpilẹ̀kọ tó gbé jáde lọ́dún 1969. Robert Floyd ti la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1967.

Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà lè fi ọsàn wò ó. Ọsàn `x` wà nínú apẹ̀rẹ̀, ọmọ `y` sì ń dúró. Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba ẹyọ kan. `r` ni iye tó kù nínú apẹ̀rẹ̀, `q` sì ni iye tó ti kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọsàn bá jẹ́ 17, tí ọmọ jẹ́ 5, apẹ̀rẹ̀ á ti orí 17 wá sí 12, á wá sí 7, á wá sí 2. Kò tún tó yí ká mọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì ti ní 3.

Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn á kọ ìyẹn sílẹ̀, á rò pé òun ti dáhùn. Kò tíì dáhùn, torí 17 àti 5 nìkan ni àpẹẹrẹ yẹn jẹ́rìí sí. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni gbólóhùn kan tó máa jẹ́ òótọ́ nígbàkígbà tí a bá dé ẹnu ọ̀nà lúùpù, ìyípo yòówù kó jẹ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní gbólóhùn aláìyẹ̀.

Inú àbájáde tí wọ́n ní ká fi ẹ̀rí hàn fún la ti ń wá a. Nínú àbájáde yẹn, `r < y` ni òdìkejì `r >= y` tó ń mú lúùpù yí. Bí lúùpù bá ti dúró, `r < y` ti dé nìyẹn, a ò ní láti gbé e kiri. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ohun tó kù la ń wá:

```
x == q*y + r and r >= 0
```

Ohun tí ó ń sọ ni pé ọsàn tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, pẹ̀lú èyí tó kù nínú apẹ̀rẹ̀, kò ju iye tí a gbé wá lọ, kò sì dín. Ẹni tó bá mú `r >= 0` nìkan kò purọ́, àmọ́ nígbà tí lúùpù bá parí, kò ní rí nǹkan kan sọ nípa `q`.

Ẹ̀rí wá kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, `q` jẹ́ òdo, `r` sì jẹ́ `x`, gbólóhùn náà dúró. Ká wá gbà pé ó jẹ́ òótọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kí lúùpù sì yí lẹ́ẹ̀kan sí i. `q` ti di `q + 1`, `r` ti di `r - y`:

```
(q + 1)*y + (r - y) = q*y + y + r - y = q*y + r = x
```

`y` tó wọlé lápá kan ló jáde lápá kejì. Níwọ̀n bí `r` sì ti tó `y` kí a tó yọ ọ́, ohun tó ṣẹ́kù kò lè dín ní òdo.

Ibì kan wà níbí tó máa ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́. Láàárín ìlà méjèèjì inú lúùpù, gbólóhùn náà já: `r` ti di 12, `q` ṣì jẹ́ 0, 5 lọ́nà 0 pẹ̀lú 12 kì í sì í ṣe 17. Ọsàn ti kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, a ò tíì kà á sọ́wọ́ àwọn ọmọ ni. Kò burú, torí ẹnu ọ̀nà nìkan ló ti gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́.

Lúùpù á ha dúró bí? Ìyípo kọ̀ọ̀kan ń dín `r` kù, kò sì lè wọ abẹ́ òdo, nítorí náà kò lè yí títí ayé. Ibí yìí ni àdéhùn pé `y` ju òdo lọ ti wúlò. Bí kò bá sí ọmọ kankan, apẹ̀rẹ̀ kò ní dín láé, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn aláìyẹ̀ á ṣì máa jẹ́ òótọ́ ní gbogbo ìyípo. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rí pé lúùpù á dúró fi ní máàkì tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Olùkọ́ mìíràn á wá yí àmì kan péré padà, á kọ `while r > y`, á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ bóyá ó ṣì tọ̀nà. Ẹni tó bá fi 17 àti 5 dán an wò á rí 3 pẹ̀lú 2, bíi ti tẹ́lẹ̀, á ní ó tọ̀nà. Gbólóhùn aláìyẹ̀ pàápàá kò yẹ̀. Ìgbà tí a bá dé ìparí ni àṣírí tú: `r <= y` ni lúùpù yìí ń fi sílẹ̀, `r < y` sì ni wọ́n béèrè. Ìgbà tí `r` bá bá `y` dọ́gba ló ṣubú sáàárín méjèèjì. Ẹ fún un ní 15 àti 5, á dúró nígbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní 2, tí ọsàn 5 ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀.