Lẹ́tà Àforíjì Tó Dárúkọ Ohun Tí Wọ́n Sọ

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Gary Ballance, tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìwé gígùn kan síta. Ó jẹ́wọ́ nínú rẹ̀ pé òun lòun pe Azeem Rafiq, ọmọ Pakísítáànì tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, ní orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n fi ń tàbùkù àwọn èèyàn rẹ̀. Ó ní òun kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ìkábàámọ̀ yìí ni ìwé náà pẹ́ sí. Ó pẹ́ lórí bí òun àti Rafiq ṣe jẹ́ kòríkòsùn, bí àwọn méjèèjì ṣe jọ máa ń sọ ìsọkúsọ síra wọn, àti pé òun kò mọ̀ rárá pé ọ̀rọ̀ náà ń dun ọ̀rẹ́ òun.

Ó ti lé ní ọdún kan nígbà náà tí Rafiq ti ń ké gbàjarè. Ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ Yorkshire gbé kalẹ̀ gbà pé méje nínú ẹ̀sùn 43 tó fi kàn wọ́n fìdí múlẹ̀, síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà ní àwọn kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Èyí tó bí àwọn èèyàn nínú jù ni pé ìgbìmọ̀ náà ka orúkọ ẹ̀gàn ọ̀hún sí àwàdà láàárín ọ̀rẹ́ méjì. Nígbà tí ìwé Ballance wá jáde lójú rògbòdìyàn yìí, ohun kan náà ló dà bí ẹni pé ó ń sọ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé Rafiq ti di alábàáṣe nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kan Rafiq fúnra rẹ̀. Ìwé ìròyìn kan gbé ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì mìíràn ní ọdún 2011 jáde, níbi tó ti fi àwọn Júù ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ó dáhùn. Ó ní òun ti lọ wo àkáǹtì òun, òun lòun kọ ọ́, òun kò ní àwáwí kankan, ojú ń ti òun. Ó mẹ́nu ba ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà, pé ọmọ ọdún 19 ni òun, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́bi kó tó dé ibẹ̀. Ètò yẹn ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ́bi kó tó ṣàlàyé, àlàyé ló ṣe. Ẹni tó bá fi àlàyé ṣáájú, kí ó tó dé orí ẹ̀bi, ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ti bínú.

Roy Lewicki ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016. Wọ́n sọ ìtàn òṣìṣẹ́ ìṣirò owó kan tó ṣe àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́ fún àwọn èèyàn tó lé ní 700, wọ́n sì ní kí wọ́n díwọ̀n oríṣiríṣi ọ̀nà tó lè gbà tọrọ àforíjì. Èyí tó wúwo jù lójú wọn ni kí èèyàn gbà pé òun lòun jẹ̀bi. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kí ó sọ bí òun yóò ṣe tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Èyí tó fúyẹ́ jù ni kí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dárí ji òun. Òótọ́ ni pé ìtàn ni wọ́n kà, wọn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, ó yẹ kó mú wa ronú, nítorí pé ibi tó fúyẹ́ jù yẹn ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà wa ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, Ballance lọ bá Rafiq lójúkojú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ọ̀rọ̀ tí òun lò kò bójú mu, pé ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni nígbà mìíràn, òun sì tọrọ àforíjì láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó ṣì sọ pé òun kò ní èrò ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó fi kún un lójú ẹsẹ̀ pé ìyẹn kì í ṣe àwáwí. Rafiq yìn ín fún ìgboyà rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kó máa bá ayé rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìyà kò fò ó. Ballance gbà pé òun jẹ̀bi níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí kíríkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì bu owó ìtanràn 3,000 pọ́n-ùn lé e ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023.

Ká wá gbé e wá sí ọ́fíìsì tiwa. Ká ní ọ̀dọ́kùnrin kan máa ń sín ìyá kan jẹ, ẹni tó jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ìyá náà ń kólòlò. Ìwádìí ti wáyé, wọ́n ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́tà tó dára lè lọ báyìí:

“Màdáàmù, lẹ́yìn tí ẹ jáde ní ìpàdé ọjọ́ Ajé, mo sín yín jẹ nípa bí ẹ ṣe ń kólòlò. Èèyàn mẹ́fà gbọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú gúrúùpù Wásáàpù ẹ̀ka wa. Ẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Èmi ni mo jẹ́ kó ṣòro fún yín láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ yín ni. Bí ẹ bá fẹ́, màá sọ níwájú àwọn mẹ́fà yẹn pé ohun tí mo ṣe kò dára. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí n tún gbé e sọ, n kò ní sọ ọ́. Ẹ má rò pé ẹ jẹ mí ní èsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.”

Kò sí “bí ó bá dùn yín” nínú rẹ̀, nítorí pé ó ti dùn wọ́n. Ó sọ ọjọ́, ó sọ ibi, ó sọ iye ẹni tó gbọ́, ó sì jẹ́wọ́ ti Wásáàpù tí ìyá náà lè má tíì mọ̀. Ìjẹ́wọ́ yìí ló nira jù láti kọ, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gbà pé kò sí òmíràn tí wọ́n fi pamọ́. Kí ọ̀dọ́kùnrin náà má sì sáré pa ohun tó kọ sí Wásáàpù rẹ́ kí àwọn tó ń ṣèwádìí tó rí i. Bó bá pa á rẹ́, yóò dà bí ẹni tó ń bo àṣírí.

Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa ni ti àwọn alágbàbẹ̀bẹ̀. Lẹ́tà kò tíì gbẹ, àwọn àgbà ẹ̀ka ti dé ìdí tábìlì màdáàmù: “Ẹ foríjì í, ọmọ yín ni, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe.” Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ìyá tí kò tíì ní ìsinmi ọkàn yóò wá di ọ̀dájú lójú gbogbo ọ́fíìsì bí kò bá rẹ́rìn-ín kíákíá. Ọ̀gá tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dá irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ dúró. Yóò gba lẹ́tà náà, yóò bi ìyá náà bóyá ó fẹ́ kà á, yóò sì fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì. Kúẹ́rì tí wọ́n ti fún ọ̀dọ́kùnrin náà ṣì wà níbẹ̀, yóò sì dáhùn rẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ọ̀gá náà tún pe ìyá náà ní òun nìkan, kó bi í bóyá wọ́n ṣì ń sín in jẹ, àti bóyá ó ti ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé.