Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ohun tí oníṣòwò Ọjà'ba yóò dì sápò kó tó lọ ra aṣọ ní Kánò

Ẹni tó ń ti Ọjà'ba lọ ra aṣọ ní Kantin Kwari ní Kánò máa ń ro ti owó ṣáájú, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ aṣọ ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ àpò. Ká ní oníbàárà kan ní Bẹyẹrúnkà fẹ́ aṣọ ẹbí fún ènìyàn 40, ọ̀pá 5 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀pá 200 nìyẹn. Bí àwọ̀ bá fi díẹ̀ yàtọ̀, wàhálà dé. Àwọn kan ní fọ́tò orí fóònù ti tó. Kò tó o: kámẹ́rà àti iná ṣọ́ọ̀bù máa ń pa àwọ̀ dà, fọ́tò kò sì ṣeé fọwọ́ pa. Ẹ gé aṣọ tó tó àtẹ́lẹwọ́ dání, kí ẹ fi wé tọjà níta, nínú oòrùn.

Owó ọjà, báńkì ni kó wà. Ẹni tó bá rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí náírà wọ́n tí tiránsífáà sì ń há, lè takò mí, kò sì jayò pa. Ìdí nìyẹn tí owó ọkọ̀, oúnjẹ àti owó alábàárù fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Rìsíìtì tó kọ “aṣọ” àti iye owó nìkan kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kó kọ iye ọ̀pá, nọ́ńbà àwọ̀, owó ọ̀pá kan àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, kí orúkọ orí rẹ̀ sì bá ti àkáǹtì tí ẹ sanwó sí mu. Ẹ wọn aṣọ kí wọ́n tó dì í. Ẹ ya fọ́tò rìsíìtì náà (ibí ni fọ́tò ti wúlò), ẹ fún awakọ̀ akẹ́rù ní ẹ̀dà, kí ojúlówó wà lára yín.