Ta Ló Ń Na Apá Òṣèré Inú Géèmù?

Bí òṣèré inú géèmù bá ń sáré tàbí tó ń ju ẹ̀ṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó yà á má mọ ẹni tó kọ́kọ́ sá eré yẹn rárá. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara kan ló ti sá a níbòmíràn, tí kámẹ́rà gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí kílíìpù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbé e wọ ara òṣèré tí kò ga tó o, tàbí tí apá rẹ̀ gùn ju tirẹ̀ lọ. Àárín ara méjèèjì yìí ni iṣẹ́ àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn lónìí wà. Láwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ánímétọ̀ onímọ̀-ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè wọ́n. Nílé iṣẹ́ kékeré, ẹni tó ya òṣèré náà ló máa ń fi òru ṣe é. Ẹjọ́ tí kì í tán lọ́rùn wọn kò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ wo apá rẹ̀, ó ká."

Ibi tí kílíìpù ti ń wá kò pamọ́. Yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní àkójọ kan tí ẹnikẹ́ni lè bù nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kámẹ́rà 12 tó ń lo ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí ni wọ́n tò yí yàrá ká, wọ́n lẹ àmì 41 mọ́ ara ẹni tó ń ṣeré, kọ̀ǹpútà wá ń ṣírò ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà. Mixamo ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe géèmù mọ̀ jù. Ọdún 2008 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní San Francisco, Adobe sì rà á lọ́dún 2015. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Adobe lè mú kílíìpù níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Ohun tó wà nínú kílíìpù kì í ṣe àwòrán. Nọ́ńbà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà ọgbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń sọ bí oríkèé kọ̀ọ̀kan ṣe yí sí: láti ìbàdí dé ẹ̀yìn, láti ẹ̀yìn dé èjìká, láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, títí dé ọrùn ọwọ́. Ìbàdí nìkan ló ń sọ ibi tó wà gan-an. Àwọn yòókù, yíyí lásán ni. Ibi tí ọwọ́ bọ́ sí kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn rárá, gígùn egungun ló ń pinnu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí igun kan náà fi ń gbé ọwọ́ ẹni tí apá rẹ̀ gùn kan ògiri, tó sì ń fi ti ẹni tí apá rẹ̀ kúrú sílẹ̀ lófuurufú.

Lọ́dún 1998, Michael Gleicher, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan síta níbi àpérò SIGGRAPH, tí àwọn oníṣẹ́ yìí ṣì ń tọ́ka sí. Ohun tó sọ ni pé ká kọ́kọ́ fi àmì sí ohun tí kò gbọdọ̀ bàjẹ́ nínú ìṣesí náà: kí ẹsẹ̀ má yọ̀ nígbà tó bá tẹlẹ̀, kí ọwọ́ má kúrò lára ẹrù tó gbé. Kọ̀ǹpútà yóò wá wá ìṣesí tó pa gbogbo ìyẹn mọ́, tí kò sì jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Ní tèmi, orí ìbéèrè yẹn ni iṣẹ́ náà ṣì wà títí dòní: kí ni ọwọ́ yẹn ń ṣe? Ẹni tí kò bá bi í kó tó bẹ̀rẹ̀, apá ni yóò máa nà láti àárọ̀ dalẹ́.

Nígbà tí Unity 4 jáde ní ìparí ọdún 2012, ó mú iṣẹ́ náà sún mọ́ àwọn tí kò ní owó ilé iṣẹ́ ńlá. Kì í fi orúkọ egungun ẹnikẹ́ni kọ ìṣesí. Bí iṣan ṣe nà tàbí bó ṣe ká ló ń kọ, láti -1 dé 1, òṣèré yòówù tó bá sì ti ní egungun 15 tó pọn dandan lè gbà á. Ṣùgbọ́n kó tó lè mọ ohun tí nọ́ńbà wọ̀nyẹn jẹ́ lára òṣèré kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i ní ìdúró T: kó dúró ṣánṣán, kí apá méjèèjì nà tààrà sí ẹ̀gbẹ́, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ni yóò gbà pé apá tó nà tán jẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni apá kíká àkọ́kọ́ ti ń wá. Ẹni tó ya òṣèré kì í fẹ́ fi apá rẹ̀ sílẹ̀ gbọnrangandan. Ó máa ń rọ̀ ọ́ wálẹ̀, á sì ká ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni aṣọ àti awọ èjìká ṣe ń tẹ̀ dáadáa. Tí ìgbọ̀nwọ́ yẹn bá ká ní dígírì 15, tí ẹnikẹ́ni kò sì tún un ṣe, Unity yóò ka kíká yẹn sí nínà. Láti ìgbà náà lọ, kílíìpù yòówù tí wọ́n bá gbé wọ òṣèré náà, dígírì 15 yẹn ń bẹ nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń dá a mọ̀ kò le: àbùkù náà kì í yí padà. Bí òṣèré ń sùn ni o, bó ń jó ni o, iye kan náà ló fi ń yẹ̀ kúrò lára ti àkọ́kọ́. Inú ètò òṣèré ni a ó ti tún un ṣe, kì í ṣe inú kílíìpù. A ó ṣí `Configure`, a ó tẹ `Enforce T-Pose` lábẹ́ `Pose`, lẹ́yìn náà a ó fojú wo ìgbọ̀nwọ́ láti òkè àti láti iwájú, nítorí bọ́tìnì yẹn kì í fi gbogbo ìgbà parí iṣẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ọwọ́ la ó fi yí i kó nà, ká tó tẹ `Apply`. Irú rẹ̀ wà nínú Unreal náà: òṣèré àdáyanrí UE4 máa ń dúró pẹ̀lú apá tó rọ̀ wálẹ̀ bíi lẹ́tà A, ti Mixamo sì nà bíi T. A gbọ́dọ̀ mú ìdúró méjèèjì bára mu kí kílíìpù tó kọjá láti ọ̀dọ̀ ìkan sí èkejì.

Apá kíká kejì ló ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, torí ìdúró T dára, síbẹ̀ apá ṣì ń ká. Ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní IK ló máa ń fà á. Ó ń mú ibi tí ọwọ́ yóò wà, ó sì ń wá igun tí yóò gbé e débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ẹni tí wọ́n gba ìṣesí rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 28 láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, àti 26 láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Nínú kílíìpù náà ó nawọ́ síwájú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì jìnnà sí èjìká ní 53. Apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán: igun ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ jẹ́ dígírì 158, bẹ́ẹ̀ 180 ni nínà pátápátá. Apá òṣèré tiwa jẹ́ 34 àti 32. Tí ètò bá ní kí ọwọ́ òun náà wà ní 53 sí èjìká, èyí ni yóò jáde:

```
cos(igun) = (34² + 32² - 53²) / (2 × 34 × 32) = -0.289
igun = 107
```

Òṣèré tó yẹ kó nawọ́ síwájú wá di ẹni tó ká apá bíi pé ó ń gbé àwo. Ohun tí a fi ń mọ èyí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́: àbùkù náà kì í dúró lójú kan. Bí ọwọ́ bá ti ń jìnnà sí ara tàbí tó ń sún mọ́ ọn ló ń pọ̀ tàbí dín kù. Tí ọwọ́ kò bá kan nǹkankan nínú ìṣesí náà, ìwọ̀n apá sí apá ló yẹ ká fi sọ 53 yẹn di púpọ̀. 66 pín sí 54 jẹ́ 1.22, ọwọ́ yóò lọ dúró ní 64.8, igun yóò sì padà sí 158. Àbí ká pa IK apá rẹ́ pátápátá, ká gba igun bó ṣe wá nínú kílíìpù. Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ìrìn àti ìjó.

Tí ọwọ́ bá wá kan nǹkan ńkọ́? Ká ní òṣèré yìí fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí àgbà kan, tí a wá gbé kílíìpù ìdọ̀bálẹ̀ ẹni tí apá rẹ̀ jẹ́ 54 wọ̀ ọ́. Bí a bá gba igun bó ṣe wà, apá tó fi 12 gùn jù yóò ti ọwọ́ wọ inú ilẹ̀. Ilẹ̀ ni kò gbọdọ̀ yí padà níhìn-ín, nítorí náà IK gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ìgbọ̀nwọ́ sì gbọ́dọ̀ ká ju ti àkọ́kọ́ lọ. Apá kíká yẹn kì í ṣe àbùkù rárá. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó ká tó bẹ́ẹ̀, àyà òṣèré ni yóò gbé sókè díẹ̀, kì í ṣe apá ni yóò nà. Òṣèré tí apá rẹ̀ kúrú ní tirẹ̀ ń fúnni ní wàhálà òdìkejì: 22 àti 20 kò lè dé 53 láéláé, apá yóò nà gbọnrangandan, ọwọ́ kò sì ní í débẹ̀. Àfi kí a gbé ara rẹ̀ sún mọ́ nǹkan náà.

Nínà tán yẹn ní ewu tirẹ̀. Lára apá 34 àti 32, tí ọwọ́ bá kúrò ní 52 lọ sí 53, ìgbọ̀nwọ́ kò ṣí ju nǹkan bíi dígírì mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n tó bá kúrò ní 65 lọ sí 66, ogún dígírì ni yóò ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń mú kí ìgbọ̀nwọ́ fò fìrì nìyẹn nígbà tí òṣèré bá ń nawọ́ tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi ń dá ọwọ́ dúró ní sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì kó tó dé òpin.

Ti ìgbọ̀nwọ́ tó kọjú síbi tí kò yẹ kò gba àlàyé púpọ̀: igun lè pé kí ìgbọ̀nwọ́ sì máa wo òkè bíi ti adìyẹ. Àmì ìtọ́ka tó ń sọ ibi tí ìgbọ̀nwọ́ yóò kọjú sí ni a ó sún padà sẹ́yìn òṣèré.

Ọ̀pọ̀ kì í wá ìdí kankan. Wọ́n á gbé ìpele kan lé orí kílíìpù, wọ́n á yọ dígírì 15 kúrò nínú kíká gbogbo ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á ní ó tán. Ọ̀nà ìpele yìí kò burú, torí kílíìpù ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ní fíréèmù 120, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tún wọn ṣe níkọ̀ọ̀kan. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé IK ló fa kíká náà, fíréèmù tó wà ní 107 yóò di 122, yóò ṣì ká síbẹ̀, èyí tó sì ti wà ní 170 tẹ́lẹ̀ yóò di 185. Ìgbọ̀nwọ́ yẹn ti ṣẹ́ sẹ́yìn nìyẹn. Ojú ẹ̀gbẹ́ ló dára jù láti fi wá a, pẹ̀lú ìlà ìgbọ̀nwọ́ nínú àwòrán ìṣirò: níbikíbi tí ìlà náà bá ti kọjá 180, ẹ dá ìpele náà dúró níbẹ̀.

Ó ku ti ikùn. Egungun nìkan ni àwọn ètò wọ̀nyí ń wò ní pàtàkì, wọn kì í sì í mọ ibi tí ẹran ara parí sí. Òṣèré oníkùn gbẹ̀ǹdù tí a gbé kílíìpù ẹni tínínrín wọ̀ yóò máa fi ọwọ́ gba inú ikùn kọjá nígbà tó bá ń rìn, bí igun rẹ̀ tilẹ̀ pé pérépéré. Èjìká ni wọ́n fi ń yanjú ìyẹn: wọ́n á yí apá òkè síta ní dígírì díẹ̀ lórí ìpele, jákèjádò kílíìpù náà, wọ́n á sì fi ìgbọ̀nwọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.